Ìlànà òwò mẹ́rin fún òṣìṣẹ́ tí kì í ráyè wo ṣáàtì àfi lálẹ́: èwo ni kí ẹ mú?

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, tó ń jáde lówùúrọ̀, tó ń wọlé nírọ̀lẹ́, kò ní ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ láti fi wo ṣáàtì lálẹ́. Ọjà fọ́rẹ́ẹ̀sì ní tirẹ̀ kì í sùn láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú títí di aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Niú Yọ́ọ̀kì. Nínú wákàtí 24, 23 ni ọjà fi ń rìn lẹ́yìn yín. Ohun tó ń dúró fún yín ní gbogbo àkókò yẹn kò ju méjì lọ: ìlànà tí ẹ kọ sínú ìwé, àti àṣẹ tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ búrókà. Bí kò bá sí méjèèjì, fóònù inú àpò ni yóò máa pàṣẹ, lábẹ́ tábìlì, nígbà tí ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ìlànà mẹ́rin ni mo rí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò. Mo ti fi owó ara mi tọ́ gbogbo wọn wò, mo sì ní èyí tí mo fara mọ́, ẹ óò rí i bí mo ṣe ń lọ. Àpẹẹrẹ kan náà ni mo máa lò fún gbogbo wọn: EUR/USD, ìyẹn iye yúrò sí dọ́là, àkáǹtì 1,000 dọ́là, àti ewu tí kò gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ lórí òwò kan, ìyẹn dọ́là 10.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni bóyá gbogbo ìpinnu tí ìlànà náà ń béèrè bọ́ sí wákàtí tí ẹ wà nílé. Mo ní gbogbo rẹ̀, kì í ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìpinnu kan ṣoṣo tó bá bọ́ sí aago 2 ọ̀sán ti sọ yín di ẹni tó ń jí wo fóònù níbi iṣẹ́.

Èkejì ni owó tó ń ná yín. Iye méjì ni búrókà máa ń gbé síwájú yín, Bid tí ẹ lè tà sí àti Ask tí ẹ lè rà sí. Àlàfo àárín wọn ni ẹ ń san ní gbàrà tí ẹ bá wọ òwò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè bóyá àlàfo náà kéré. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: kéré sí kí ni? Ẹ fi wé ibi tí Stop Loss yín wà, ìyẹn ibi tí ẹ ti gbà pé ẹ ṣìnà tí òwò náà á sì tì fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bóyá ìlànà náà lè dá dúró nígbà tí kọ̀ǹpútà yín bá wà ní pípa. Ẹ̀kẹrin ni bóyá owó inú àkáǹtì yín gbà á. Àwọn méjèèjì yìí máa yé yín dáadáa nígbà tí a bá dé ibi tí wọ́n ti ń dunni.

Ṣáàtì ìṣẹ́jú 5 lálẹ́

Èyí ló ń fa ojú mọ́ra jù, torí ó jọ pé ó bá wákàtí yín mu: ẹ jókòó ní aago 8 alẹ́, ẹ ṣe òwò méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tì wọ́n kí ẹ tó sùn, kò sí nǹkan kan tó ń rìn lóru. Ní ti òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta, ó yege. Ibi tó ti ṣubú ni owó tó ń ná yín.

Píìpù ni a fi ń wọn ìrìn ọjà, 0.0001 ni ọ̀kan lórí EUR/USD. Ká ní Stop Loss yín wà ní píìpù 8, àlàfo sì jẹ́ píìpù 1.5. Kí ọjà tó mira rárá, ó kù díẹ̀ kí ìdá kan nínú márùn-ún ewu yín ti lọ. Bí ẹ bá ṣe òwò 20 lóṣù, píìpù 30 ni ẹ ti san fún àlàfo nìkan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àdánù mẹ́rin gbáko, yálà ẹ jèrè àbí ẹ kò jèrè.

Aago náà tún ń bẹ níbẹ̀. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ní Niú Yọ́ọ̀kì ni ọjọ́ ọjà máa ń parí tí òmíràn sì ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń rà tó ń tà máa ń dín kù gan-an ní àsìkò yẹn, àlàfo sì máa ń fẹ̀. Ẹ lè rí i pé òwò títà yín ti tì ní 1.0852 níbi tí Stop Loss wà, ẹ wo ṣáàtì, ibi tó ga jù lọ tí ọjà dé kò ju 1.0847 lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á pariwo olè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bid nìkan ni ṣáàtì MetaTrader, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣòwò, máa ń yà, bẹ́ẹ̀ Ask ni wọ́n fi ń ti òwò títà. Bí àlàfo bá ti fẹ̀ dé píìpù 5, Ask ti kan 1.0852 láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ ṣí ètò ṣáàtì yín, ẹ fi àmì sí `Show Ask line`, ẹ óò máa rí ìlà kejì náà.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá wí. Ẹni tí alẹ́ tirẹ̀ bọ́ sí àsìkò tí Lọ́ńdọ̀nù àti Niú Yọ́ọ̀kì jọ ń ṣiṣẹ́, ìyẹn láti nǹkan bí aago 8 àárọ̀ sí aago 12 ọ̀sán ní Niú Yọ́ọ̀kì, wà ní ibi tí ọjà ti ń gbóná tí àlàfo sì kéré. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbìyànjú rẹ̀, pẹ̀lú ṣáàtì ìṣẹ́jú 15 dípò 5. Àmọ́ kó rántí pé ojú tó ti wo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti àárọ̀ ni yóò fi wò ó.

Ṣáàtì wákàtí 4

Àárín méjì ni èyí wà, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi rò pé òun ló dára jù fún òṣìṣẹ́. Àbẹ́là ni igi kékeré tó ń fi hàn bí iye ṣe rìn láàárín wákàtí mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà rẹ̀ ló sì máa ń yọ lójúmọ́ lórí ṣáàtì yìí. Nínú mẹ́fà yẹn, ọ̀kan ló máa ń parí lójú yín lálẹ́, bóyá méjì bí ẹ bá ráyè. Àwọn yòókù ń parí nígbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀, níbi iṣẹ́, tàbí lórí ibùsùn.

Ibi tí ó ti ń tan èèyàn ni ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ẹ bá jókòó tí ẹ ń fi ìlànà yín dán ṣáàtì ọdún tó kọjá wò. Ẹ máa ka gbogbo àmì tó yọ, ti aago 10 àárọ̀, ti aago 2 ọ̀sán, ti òru, ẹ ó sì rí èrè tó dùn mọ́ni. Èrè yẹn kì í ṣe tiyín. Ti ẹni tó jókòó ti ṣáàtì tọ̀sán-tòru ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ pa gbogbo àbẹ́là tí kò parí láàárín wákàtí yín rẹ́, kí ẹ tún un kà. Nígbà tí mo ṣe é, kò ju díẹ̀ lọ tó kù, èyí tó kù kò sì wúni lórí.

Kí n tó gbọ́n, mo ti lo oṣù mẹ́ta lórí rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyí: àmì rírà yọ lọ́sàn-án, Stop Loss rẹ̀ jìnnà ní píìpù 35. Mo dé ilé lálẹ́, ọjà ti gòkè ní píìpù 40. Mo sọ fún ara mi pé àmì náà ṣì dára, mo rà á lókè níbẹ̀, mo fi Stop Loss síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo sì lo ìwọ̀n lọ́ọ̀tì, ìyẹn bí òwò náà ṣe tóbi tó, tí mo ti ṣírò lórí píìpù 35. Píìpù 75 ni ewu mi ti dà, ó ju ìlọ́po méjì lọ, n kò sì mọ̀. Ohun tó tú àṣírí náà ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye méjì sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, iye tí ìlànà ní kí n rà àti iye tí mo rà gan-an. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ibi tí méjèèjì ti bára mu.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lo ṣáàtì yìí, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àbẹ́là tó parí lójú òun nìkan ni òun ń ṣiṣẹ́ lé lórí, èyí tó yọ lọ́sàn-án ti di ti ẹlòmíràn.

Ṣáàtì ojoojúmọ́

Èyí ni mo fara mọ́. Àbẹ́là kan lójúmọ́, ìpinnu kan lójúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń sáré lé yín. Àbẹ́là náà máa ń parí ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ Niú Yọ́ọ̀kì, kí ẹ lọ wo aago tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Bí ó bá bọ́ sí òru, kò ṣe nǹkan kan: èyí tó ti parí kẹ́yìn ni ẹ ó máa wò lálẹ́ ọjọ́ kejì. Èyí tó ń yọ lọ́wọ́ ni ẹ kò gbọdọ̀ wò, torí ó lè yí padà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka àbẹ́là ọ̀sẹ̀ kan lórí ṣáàtì búrókà yín. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, ó dára. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, tí ọ̀kan kékeré kan wà fún ọjọ́ Àìkú, aago búrókà yín kò bá ìparí ọjọ́ ní Niú Yọ́ọ̀kì mu, ibi tó ga jù àti ibi tó rẹlẹ̀ jù lórí àbẹ́là yín yóò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn, àbẹ́là kékeré yẹn á sì máa ba ìṣirò ìpíndọ́gba jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pọ̀. Ká ní ọjà EUR/USD wà lókè ìlà ìpíndọ́gba ọjọ́ 20, ó sì kọrí sókè. Àbẹ́là àná ga dé 1.0872, ó rẹlẹ̀ dé 1.0801, ó sì parí lókè ìdajì ara rẹ̀. Ìlànà ní kí a rà bí ọjà bá kọjá orí rẹ̀. A ó fi píìpù 3 kún un nítorí àlàfo: Buy Stop, ìyẹn àṣẹ láti rà bí ọjà bá gòkè dé ibẹ̀, ní 1.0875. Stop Loss á wà ní píìpù 3 sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, 1.0798. Láti 1.0875 sí 1.0798 jẹ́ píìpù 77. Ewu wa kò gbọdọ̀ ju dọ́là 10 lọ, bẹ́ẹ̀ píìpù kan lórí 0.01 lọ́ọ̀tì jẹ́ sẹ́ǹtì 10. Bí a bá pín 10 sí ọ̀nà 77, ó fún wa ní sẹ́ǹtì 13, ìyẹn 0.013 lọ́ọ̀tì. Búrókà kì í sábà gba nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì ìdá mẹ́wàá, a ó wá gé e sísàlẹ̀ sí 0.01. Sísàlẹ̀ ni a máa ń gé e sí, kì í ṣe sókè. Bí ó bá bàjẹ́, 7.70 dọ́là ló máa lọ. Take Profit, ibi tí òwò á ti tì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú èrè, wà ní ìlọ́po méjì, píìpù 154, ní 1.1029. Bí ó bá dáa, 15.40 dọ́là ló máa wọlé.

Gbogbo èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ pa kọ̀ǹpútà. Buy Stop, Stop Loss àti Take Profit wà lọ́dọ̀ búrókà, iná lè lọ, fóònù lè kú, wọ́n á ṣiṣẹ́. Ohun kan wà tí kì í ṣiṣẹ́: Trailing Stop ti MetaTrader lórí kọ̀ǹpútà, èyí tó ń sún Stop Loss tẹ̀lé ọjà fúnra rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà yín ló wà. Bí ẹ bá ti pa á, Stop Loss á dúró gbagidi síbi tó dé kẹ́yìn, òwò tó ti ní èrè á sì lè padà wá kan án. Ẹni tí kò sí nílé kò yẹ kó gbọ́kàn lé e, ọwọ́ ni kó máa fi sún Stop Loss lálẹ́, lẹ́yìn tí àbẹ́là bá parí.

Ẹ má gbàgbé ọjọ́ ìparí àṣẹ. Mo ti fi Buy Stop kan sílẹ̀ rí ní ọjọ́ Ajé láìkọ ìgbà tó máa parí. Ọjà kò kàn án lọ́jọ́ náà, ó já wálẹ̀, àmì náà kú, mo sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ìròyìn kan ta ọjà sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àṣẹ mi ṣí, ọjà sì yí padà. Mo dé ilé wá rí àdánù lórí òwò tí n kò rántí pé mo ní. Àpótí `Expiry` wà lórí fèrèsé àṣẹ, ẹ fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì síbẹ̀.

Ní ti owó tó ń ná yín, píìpù 1.5 lórí 77 kò tó ìdá 2 nínú 100. Owó òru, tí wọ́n ń kọ Swap lórí ojú ìwòye, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, alẹ́ mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń kà papọ̀ ní ọjọ́rú lórí EUR/USD. Ká ní sẹ́ǹtì 6 ni lálẹ́ kan fún 0.01 lọ́ọ̀tì, òwò tó sun ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ sẹ́ǹtì 42. Ó mọ níwọ̀n.

Àbùkù rẹ̀ ni pé Stop Loss kì í ṣe ẹ̀jẹ́. Ó ń di àṣẹ láti ti òwò ní iyekíye tó bá wà nígbà náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2015, báńkì àpapọ̀ Siwitsaláǹdì yọ ọwọ́ lórí 1.20 tó ti ń gbé EUR/CHF, iye yúrò sí owó Siwitsaláǹdì, dúró sí, láìsọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọjà já kọjá 1.00, òwò ọ̀pọ̀ èèyàn sì tì níbi tó jìnnà réré sí ibi tí wọ́n kọ Stop Loss sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi di ewu mú ní ìdá 1 nínú 100, tí n kì í sì í jẹ́ kí òwò méjì tó dúró lórí dọ́là ní ìhà kan náà wà lẹ́ẹ̀kan. Rírà EUR/USD àti rírà GBP/USD pọ̀, òwò kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, pẹ̀lú ewu méjì.

Ìwé ìlànà mi kò kún ojú ewé kan. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Aago 9 alẹ́ ni mo máa ń wo ṣáàtì mẹ́rin, àbẹ́là tó ti parí nìkan. Mo ń rà bí ọjà bá wà lókè ìlà ọjọ́ 20, mo ń tà bí ó bá wà nísàlẹ̀. Bí àbẹ́là bá gùn ju ìlọ́po méjì ìpíndọ́gba gígùn ọjọ́ 14, n kò fọwọ́ kàn án. Ewu dọ́là 10, òwò kan ṣoṣo lórí dọ́là. Gbogbo àṣẹ ní ọjọ́ ìparí. N kì í ṣí òwò, n kì í tì í, n kì í sún un láàárín aago 8 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá pàdánù mẹ́rin tẹ̀léra, mo sinmi ọ̀sẹ̀ kan."

Ṣáàtì ọ̀sẹ̀

Èyí ò le: ìpinnu kan lọ́sẹ̀, ní òpin ọ̀sẹ̀ nígbà tí ọjà ti tì. Àlàfo kò já mọ́ nǹkan kan lórí rẹ̀. Àkáǹtì ló ń béèrè. Bí Stop Loss bá wà ní píìpù 220, ó ń jẹ́ dọ́là 22 lórí 0.01 lọ́ọ̀tì. Láti lè pè é ní ìdá 1 nínú 100, ẹ nílò 2,200 dọ́là. Ẹni tó ní 1,000 ti kọjá ìlọ́po méjì ewu rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, àyàfi bí búrókà rẹ̀ bá ń gba ìwọ̀n tó kéré ju 0.01 lọ. Owó òru náà ń kóra jọ: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní sẹ́ǹtì 6 lálẹ́ jẹ́ 2.52 dọ́là, ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ewu náà lọ. Ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kí òwò tó pọ̀ tó láti mọ̀ bóyá ìlànà náà dára.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ní àkáǹtì bíi 1,000 dọ́là, tó dá a lójú pé òun lè jókòó ìṣẹ́jú 20 lálẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, kó mú ṣáàtì ojoojúmọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń gbé e rìnrìn àjò, tàbí tí alẹ́ rẹ̀ kò dá a lójú, tí owó rẹ̀ sì ju 2,200 lọ, ṣáàtì ọ̀sẹ̀ ni tirẹ̀. Bí owó náà kò tó, kó wá búrókà tó ń gba ìwọ̀n kékeré, kó má fi ewu kún un.

Ṣáàtì wákàtí 4 wà fún ẹni tí wákàtí alẹ́ rẹ̀ kì í yẹ̀, tí àbẹ́là kan náà ń parí lójú rẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ti fi àbẹ́là yẹn nìkan dán ìlànà rẹ̀ wò. Ṣáàtì kúkúrú lálẹ́, mi ò ní fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí alẹ́ rẹ̀ bọ́ sí àsìkò Lọ́ńdọ̀nù àti Niú Yọ́ọ̀kì.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ fi òpó kan sí ìwé àkọsílẹ̀ yín fún aago tí ẹ fọwọ́ kan òwò kọ̀ọ̀kan: tí ẹ ṣí i, tí ẹ sún un, tí ẹ tì í. Lẹ́yìn òwò 20, ẹ ka iye tó bọ́ sí wákàtí iṣẹ́. Bí ó bá ju méjì lọ, ṣáàtì tí ẹ mú kúrú jù fún yín, ẹ bọ́ sí èyí tó gùn tẹ̀lé e.